Kàtíríìjì tó wọlé kọ́ ni ìbọn ń fẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Hústìn ni mo ń gbé. Wọ́n kọ "5.56 NATO" sára ọ̀pá ìbọn ráífù mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn fún mi ní páálí kàtíríìjì kan tí wọ́n kọ "223 Rem" sí, ó tún fún mi ní àpò kan tí kò ní páálí, ó ní "300 BLK" ni. Gbogbo wọn ló wọ màgásíìnì mi dáadáa. Ṣé mo lè yìn wọ́n? Kí ló tilẹ̀ dé tí orúkọ wọn fi pọ̀ tó báyìí? Géèjì 12 nìkan ni bàbá mi mọ̀ ní Ṣakí.

Àbúrò mi, yin ti inú páálí, má yin ti inú àpò.

Kàtíríìjì "223 Rem" bá ìbọn tí wọ́n kọ "5.56 NATO" sí lára mu, o lè yìn ín láìfòyà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àpò kò gbọdọ̀ wọ màgásíìnì rẹ rárá, nítorí pé bí ó bá dé inú ìbọn yẹn tí o sì yìn ín, ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ó bá ṣì wà nínú màgásíìnì tí o fi dán an wò, kọ́kọ́ kó wọn jáde kí o tó ka ìyókù ìdáhùn yìí.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, jẹ́ kí a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀. Kàtíríìjì ni odindi ohun tí a ń kì sínú ìbọn. Ọta ni òkúta irin tó ń jáde lọ láti iwájú rẹ̀. Agolo idẹ ni ohun tó gba ẹ̀tù sínú, kápù kékeré róbótó tó ń ṣáná sì wà ní ìdí rẹ̀. Níbi tí odindi kàtíríìjì jókòó sí ní ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn ni n ó máa pè ní ilé kàtíríìjì. Agolo ti ráífù rẹ kò tọ́ gbọnrangandan. Ara rẹ̀ fẹ̀, ó wá fún wọlé ní èjìká, ó sì ní ọrùn tóóró tó di ọta mú. Àyè tí wọ́n gbẹ́ sí ilé kàtíríìjì náà ní èjìká àti ọrùn tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn mu bí ọ̀bẹ àti àkọ̀.

Orúkọ tí àwọn ará Yúróòpù àti àwọn ológun ń lò ló rọrùn jù láti tú. Orúkọ ti ìbọn rẹ ní kíkún ni 5.56×45. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ìbú, nọ́ńbà kejì ń sọ gígùn agolo idẹ, kì í ṣe gígùn odindi kàtíríìjì. Mìlímítà ni a fi ń wọn àwọn méjèèjì. Bí lẹ́tà R bá tẹ̀ lé e, bíi ti 7.62×54R, ìyẹn ni pé ìdí agolo náà ní etí tó yọ síta ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń sọ pé R yẹn dúró fún Rọ́ṣíà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, ní tiwọn, íǹṣì ni wọ́n fi ń sọ ìbú, wọ́n sì sábà máa ń fi gígùn sílẹ̀ láìsọ. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Bí o bá sọ 0.300 di ìlọ́po 25.4, 7.62 ni yóò fún ọ. Nítorí náà, "300" tó wà nínú "300 BLK" àti "7.62" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè méjì, orúkọ àpò tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ lọ́nà ti Yúróòpù sì ni 7.62×35. Kọ ọ́ sí abẹ́ ti ìbọn rẹ: 5.56×45, 7.62×35. Kò sí nọ́ńbà kan tí wọ́n jọ ní.

Síbẹ̀, ìbú tí orúkọ ń sọ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìbú ọta gan-an. Inú ọ̀pá ráífù kò dán. Wọ́n gbẹ́ ìlà yíyí sí i láti lè máa yí ọta bí òkòtó. Bí a bá wọn ọ̀pá rẹ láti orí òkè kan sí orí òkè kejì láàárín àwọn ìlà náà, a ó rí nǹkan bíi mìlímítà 5.56. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ ìlà sí ìsàlẹ̀ ìlà, ó súnmọ́ 5.69. Ọta gbọdọ̀ kún ìsàlẹ̀ ìlà náà kí ó tó lè yí, ìdí nìyí tí ọta 5.56 fi fẹ̀ tó 5.69, tí ọta 300 BLK sì fẹ̀ tó 7.82. Ọta kan náà tó fẹ̀ tó 5.69 ni kàtíríìjì tó ń jẹ́ .222, èyí tó ń jẹ́ .223 àti èyí tó ń jẹ́ .22-250 ń lò, bẹ́ẹ̀ agolo wọn yàtọ̀ síra. Bí orúkọ ọmọ ni orúkọ kàtíríìjì rí: ẹni tó sọ ọ́ ló mọ ohun tó ń rò. Nọ́ńbà "06" inú .30-06 jẹ́ ọdún 1906, nígbà tí ìkejì nínú .45-70 ń sọ ìwúwo ẹ̀tù dúdú tí wọ́n máa ń rọ sínú rẹ̀ látijọ́. Ẹni tó bá kà wọ́n bíi gígùn ti ṣìnà. Èyí ló fà á tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń mú ìbọn wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má ṣe fi nọ́ńbà ṣe ìṣirò láti mọ ohun tó bá ìbọn wọn mu. Odindi orúkọ ni kí wọ́n fi wé odindi orúkọ.

Ìwọ yóò bi mí pé, bí gígùn bá yàtọ̀, ṣé gígùn náà kò ní dènà àṣìṣe ni? Nígbà mìíràn, iṣẹ́ tí wọ́n rán an gan-an nìyẹn. Wo kàtíríìjì .38 Special tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìbọn ìléwọ́ alágbá yíyí. Ní nǹkan bí ọdún 1935, wọ́n ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ, wọ́n pè é ní .357 Magnum. Ìbú ọta kan náà ni àwọn méjèèjì ní. "38" tó wà nínú orúkọ ti àkọ́kọ́ jẹ́ ogún láti ìgbà tí ọta máa ń fẹ̀ tó agolo fúnra rẹ̀. Agbára tuntun yìí ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ lè gbà mọ́ra lọ, nítorí pé ìwọ̀n ipá afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi lé .38 Special lọ́wọ́ jẹ́ pọ́n-ùn 17,000 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin, ti .357 sì jẹ́ 35,000. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta àbọ̀ gùn agolo tuntun náà sí i, kí ó má bàa lè wọ ìbọn .38. Bí o bá gbìyànjú rẹ̀, iwájú agolo yóò kọlu ibi tí ilé kàtíríìjì ti parí, ìdí rẹ̀ yóò sì yọ síta. Ṣùgbọ́n .38 kúrú, ó lè wọ ìbọn .357, a sì lè yìn ín níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn náà ṣí sí.

Ní ti àpò rẹ, gígùn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà. Àwọn tó ṣe 300 BLK, tí ẹgbẹ́ àwọn aṣèbọn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀ ní ọdún 2011, mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ó lè lo irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí ó jẹ́ pé ọ̀pá nìkan ni ènìyàn yóò pààrọ̀. Wọ́n mú agolo .223, wọ́n gé e kúrú láti mìlímítà 45 sí 35, wọ́n sì fún un ní ọrùn tó lè di ọta títóbi mú. Ìdí agolo náà kò yí padà, nítorí náà irin ẹ̀yìn tó ń ti kàtíríìjì wọlé yóò gbá a mú dáadáa. Ọta rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí odindi kàtíríìjì fi tún padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 57, bíi ti .223 gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi wọ màgásíìnì rẹ láìsí ìjà. Màgásíìnì kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀pá. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni gígùn àti sísanra.

Jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn kàtíríìjì àpò yẹn wọ inú ìbọn rẹ. Agolo rẹ̀ kúrú, nítorí náà èjìká rẹ̀ kò dé ibi tí èjìká ilé kàtíríìjì wà. Imú ọta ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Imú náà tẹ́ẹ́rẹ́, yóò wọ inú ọrùn, ṣùgbọ́n ara ọta fẹ̀ tó 7.82, ọrùn ilé kàtíríìjì kò sì ju nǹkan bíi 6.4 lọ, nítorí náà yóò há. Bí ọta náà bá gùn tí kò sì tètè tẹ́ẹ́rẹ́, yóò há kí irin ẹ̀yìn tó dé àyè rẹ̀, ìbọn kò ní lè tì, Ọlọ́run sì ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọta náà bá jẹ́ oríṣi tó fúyẹ́, tí imú rẹ̀ mú ṣóńṣó, ó lè wọlé tó. Ohun kejì tó lè ṣẹlẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: irin ẹ̀yìn ń fi sípíríǹgì sáré bọ̀, bí ó bá gbá ìdí kàtíríìjì, ó lè ti agolo síwájú kí ọta sì wọnú agolo padà, gbogbo rẹ̀ yóò kúrú, ìbọn yóò sì tì gbọn-in bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti tì í ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, bí o bá yìn ín, ẹ̀tù yóò jó, afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ yóò fẹ́ ti ọta jáde. Ní ọjọ́ gbogbo, ọta máa ń rìn lọ, àyè ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ̀ sí i, ipá afẹ́fẹ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ṣètò. Níhìn-ín, ọta tó fẹ̀ ju ihò lọ ní mìlímítà méjì gbáko kò rọ́nà lọ. Ẹ̀tù kò dúró dè é. Ó ń jó lọ, ipá sì ń ga sí i títí yóò fi kọjá ohun tí idẹ lè dì mú. Ìdí agolo ni yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́, nítorí pé òun ni irin kò yí ká pátápátá. Afẹ́fẹ́ yẹn yóò tú sínú ara ìbọn, yóò ya á sí ẹ̀gbẹ́, yóò fọ́ irin ẹ̀yìn, yóò sì já màgásíìnì sọ sílẹ̀. Mo ti rí ìbọn méjì tó kú báyìí lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Nínú ìkejì, apá kan lára ọta náà ti wọ inú ọ̀pá, ó ti di tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ìránpò ńlá, ìyókù sì há sẹ́yìn. Ojú ẹni tó ni ín kò fọ́ nítorí pé ó wọ gíláàsì ìdáàbòbò, ṣùgbọ́n dókítà yọ idẹ kéékèèké ní ọwọ́ òsì rẹ̀.

Àṣìṣe náà kì í ṣẹlẹ̀ ní òdì-kejì. Bí o bá fi kàtíríìjì .223 sínú ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ti 300 BLK, agolo rẹ̀ ti gùn jù, èjìká rẹ̀ yóò dúró síta, ìbọn kò sì ní tì. Nítorí náà, ìbọn rẹ gan-an, èyí tó jẹ́ 5.56, ni ó wà nínú ewu nígbàkígbà tí oríṣi méjèèjì bá jọ wà nínú ilé kan.

Báwo ni o ṣe lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Fún èyí tó wà nínú páálí, ìdí agolo ni kí o kà. Wọn a máa tẹ orúkọ sí i yí kápù ká, kí ó sì bá ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá mu. Ọ̀pá ni mo sọ, kì í ṣe ara ìbọn níbi tí ọwọ́ ń dì mú; ara ìbọn kan náà lè gba ọ̀pá oríṣiríṣi, ẹni tó bá sì ra ìbọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò mọ ọ̀pá tó ti bọ́ nínú rẹ̀.

Fún èyí tó wà nínú àpò, má gbẹ́kẹ̀ lé ìdí agolo. Mo ti sọ pé agolo .223 tí a gé ni 300 BLK. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ki kàtíríìjì nílé ń kó agolo .223 tàbí 5.56 tí wọ́n ti yìn, wọ́n á gé e, wọ́n á fún un ní ọrùn tuntun, wọ́n á sì rọ ẹ̀tù àti ọta sí i. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kò parẹ́. Ìdí rẹ̀ lè sọ "223 REM" bí orí rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti 300 BLK. Agolo ológun tilẹ̀ lè má sọ orúkọ rárá: "LC 19" tí o bá rí ní ìdí agolo kan ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọdún 2019, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lo kálípà, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn irin. Wọn agolo láti ìdí títí dé ibi tí ọrùn parí, má fi ọta kún un. Bí ó bá fún ọ ní nǹkan bíi 44.7, .223 tàbí 5.56 ni. Bí ó bá fún ọ ní nǹkan bíi 34.7, 300 BLK ni. Lẹ́yìn náà, fi ẹnu kálípà di ọta mú níbi tó ti ń yọ jáde láti ọrùn: bí ó bá súnmọ́ 5.7, ìbọn rẹ lè gbà á. Bí ó bá súnmọ́ 7.8, kò lè gbà á láéláé. Ojú lásán tilẹ̀ máa ń tó. Gbé ọ̀kan láti inú àpò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan láti inú páálí lórí tábìlì, kí àwọn méjèèjì nàró. Wàá rí i pé èjìká ti inú páálí hàn gbangba, ọta rẹ̀ sì rí bí pẹ́ńsùlù lórí rẹ̀, nígbà tí ti inú àpò kò fi bẹ́ẹ̀ ní èjìká, tí ọta rẹ̀ sì sanra. Ṣùgbọ́n nínú màgásíìnì, ojú máa ń tan ni jẹ.

Bí o tilẹ̀ wá ra ìbọn 300 BLK lọ́la, n kò ní sọ pé kí o yin ti inú àpò yẹn. Kàtíríìjì tí ẹlòmíràn fọwọ́ kì, tí kò ní páálí, tí kò ní ìwé tó sọ irú ẹ̀tù àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó kì í nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Dá a padà fún ọ̀rẹ́ rẹ, tàbí kí o bi ibi ìyìnbọn àdúgbò rẹ bóyá wọ́n ń gba èyí tí a fẹ́ sọ nù.

Mo ní kí o yin "223 Rem" nínú ìbọn "5.56 NATO". Má yí ọ̀rọ̀ náà padà o. Agolo àwọn méjèèjì bá ara wọn mu lójú, ṣùgbọ́n àyè tí ọta ń gbà kí ó tó kan ìlà yíyí gùn díẹ̀ nínú ilé kàtíríìjì ti 5.56, wọ́n sì máa ń ki kàtíríìjì ológun le díẹ̀. Bí ẹnì kan bá yin 5.56 nínú ọ̀pá tí wọ́n kọ "223 Rem" nìkan sí, ọta yóò tètè kan ìlà, ipá yóò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbọn kì í sábà fọ́ nítorí èyí. Ohun tí a máa ń rí ni pé kápù yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí kí ó tilẹ̀ bọ́ kúrò ní ìdí agolo kí ó sì há sínú ìbọn. Bí o bá ń ṣa agolo rẹ lẹ́yìn ìyìn, tí o sì rí ihò níbi tó yẹ kí kápù wà, dáwọ́ dúró.

Ó ku ti bàbá rẹ, ìyẹn ṣọ́ọ̀tì-gọ́ọ̀nù. Géèjì kì í ṣe ìbú ní tààrà. Bí a bá fi òjé pọ́n-ùn kan rọ ọta róbótó 12 tó dọ́gba, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ìbú ihò ìbọn géèjì 12, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 18.5. Bí a bá pín òjé kan náà sí 20, ọta yóò kéré sí i, nítorí náà géèjì 20 tóóró ju 12 lọ, ó jẹ́ nǹkan bíi 15.6. Ẹni tó ń rò pé nọ́ńbà ńlá ni ihò ńlá ti sọ ọ́ dà rú.

Ewu ti ibẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ, ṣùgbọ́n ó burú tó o. Kàtíríìjì géèjì 20 kéré tó láti yọ̀ wọ inú ọ̀pá géèjì 12, etí ìdí rẹ̀ kò ní dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò lọ há síwájú níbi tí ilé kàtíríìjì ti fún wọ ọ̀pá. Ọdẹ yóò yin ìbọn, kò ní dún. Yóò ṣí i, yóò rí i pé ó dà bí ẹni pé òfo ni, yóò rò pé òun gbàgbé láti kì í, yóò sì ti géèjì 12 sẹ́yìn èyí tó há. Nígbà tó bá yin ìyẹn, ọ̀pá yóò bẹ́ níwájú, gẹ́lẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì ti di ìbọn mú. Àwọn tó ń ṣe géèjì 20 ní Amẹ́ríkà máa ń fi àwọ̀ yẹ́lò ṣe é nítorí èyí, kí ojú lè tètè dá a mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ayé ló ń tẹ̀ lé àṣà yẹn.

Gígùn tún wà níbẹ̀, tí bàbá rẹ lè má tíì kíyè sí. Bí wọ́n bá kọ "12-70" sára ọ̀pá rẹ̀, mìlímítà 70 ni ilé kàtíríìjì náà gùn, wọ́n sì ń wọn kàtíríìjì ṣọ́ọ̀tì-gọ́ọ̀nù lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ tó ká pọ̀ bá ti tú, ìyẹn lẹ́yìn ìyìn. Nítorí náà, èyí tó jẹ́ 76 lè wọ ìbọn 70 láìsí ìdíwọ́ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ká. Bí iná bá ràn án, ẹnu rẹ̀ yóò ṣí, kò ní rí àyè tẹ́, yóò sì dí ọ̀nà àwọn òjé wẹ́wẹ́ tó ń jáde. Sọ fún un kí ó ka nọ́ńbà tó wà lára páálí kí ó tó rà á. Bí ìbọn kò bá sì dún nígbà tó yìn ín, kí ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí iná lè pẹ́ kí ó tó ràn, lẹ́yìn náà kí ó ṣí i, kí ó yọ ohun tó bá wà nínú rẹ̀, kí ó sì wo inú ọ̀pá náà láti ẹ̀yìn títí yóò fi rí ìmọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀, kí ó tó ki òmíràn.